Kìlómítà Tí A Kò Rìn, Owó Tí A San: Ẹ Dá ₦3,695 Mi Padà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín tí tọmọdé tàgbà ń kà, kí n fi ohun tí ojú èmi àti ìyá mi rí tó àwọn ènìyàn létí. Ilé iṣẹ́ kan tí à ń fi fóònù pe ọkọ̀ wọn ni mo ń kọ ìwé yìí sí. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ẹjọ́ ò tíì parí láàárín wa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kà á, wọ́n á mọ̀ pé àwọn ni mo ń bá wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí wọn lórí fóònù, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi bí ẹni ń kọ orin. Ẹni tí a pè tí kò jẹ́, ẹ jẹ́ kí a pè é ní gbangba.

Ẹ̀gbẹ́dá ni mò ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ìyá mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ń dà á láàmú, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù tó kọjá, a ní láti dé ilé ìwòsàn kan ní Ìkẹjà kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, nítorí bí ènìyàn bá ṣe tètè dé ni wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà láti rí dókítà. N kò lè gbé ìyá arúgbó sínú dáńfó láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi fi fóònù pe ọkọ̀. Kí n tó tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà, iye tí wọ́n kọ síwájú mi ni ₦4,300. Mo ya àwòrán ojú fóònù náà sílẹ̀, mo dúpẹ́ pé mo yà á.

Kí awakọ̀ tó dé ló ti pè mí. Kò kí mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Níbo lẹ̀ ń lọ? Ṣé kaṣì ni àbí káàdì?" Mo ní kaṣì ni. Ó dé, ó rí ìyá mi tó ń fi ọ̀pá bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fajú ro. Ó ní òun kì í gbé aláìsàn, pé kí ìyá yìí má lọ ba àga ọkọ̀ òun jẹ́. Mo fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, nítorí àìsàn ló wà nídìí ìrìnàjò wa, ìjà kọ́. Ó gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ ìyá mi, ó jù ú sínú búùtù pẹ̀lú báàgì tí káàdì ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi rọra ní kó bá òun tan ẹ̀rọ amúlétutù, èsì tó fún un ni pé, "Ṣé ìwọ lo máa bá mi ra epo ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ gbọ́ ná. "Ìwọ" ni ó pe ìyá mi. Ọmọkùnrin tí kò tó ẹni ọgbọ̀n ọdún! Ìyá mi dákẹ́, ó ń wo ojú fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé. Owó lè padà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí di òní.

A gba Akọ̀wọ́njọ, a bọ́ sí Dọ̀pẹ̀mú. Níbẹ̀ ni súnkẹrẹ fàkẹrẹ dá wa dúró. Ní agogo 7:31, mo fi fóònù ya fọ́tò àwọn ọkọ̀ tó tò lọ bí èèrà lábẹ́ bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé a lè pẹ́. Ẹ fi ọkàn sí fọ́tò yìí o, nítorí ó máa jẹ́rìí níwájú. Lẹ́yìn náà ọ̀nà là, a sì dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní agogo 7:58. A ti gbéra ní 7:10. Ìṣẹ́jú 48 nìyẹn, kò burú fún àárọ̀ Èkó.

Ó yẹ kí awakọ̀ tẹ fóònù rẹ̀ pé ìrìnàjò ti parí, kí n san owó, kí a sì bọ́ọ́lẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, pé kí a jókòó. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kejì tí ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi ń ṣiṣẹ́ geere. Mo ní kí ó jẹ́ kí ìyá mi máa wọlé lọ, ó ní kò sẹ́ni tó máa gbé ẹrù jáde nínú búùtù òun láìsanwó. Bí a ṣe jókòó nìyẹn títí di 8:21. Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́, ₦8,035 ló jáde.

Mo ní, "Ọ̀gá, ₦4,300 ni wọ́n sọ fún mi." Ó ní, "Ẹ lọ bi ilé iṣẹ́, kì í ṣe èmi ni mo ṣírò ó." Mo ní kí ó ṣí búùtù. Ó jókòó sórí búùtù. Ọ̀pá ìyá mi wà nínú rẹ̀, káàdì ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀, ìyá arúgbó ń di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú kó má baà ṣubú. Mo sanwó. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Nígbà tí a fi wọlé, nọ́ńbà àwọn tó fẹ́ tètè rí dókítà ti tán. Agogo méjì ọ̀sán kọjá kí dókítà tó rí ìyá mi, láìjẹun láti òwúrọ̀, nítorí wọ́n ti ní kó má jẹun kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Olóòtú, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé, "Èkó nìyẹn, ẹ mọ́kàn kúrò." N kò mọ́kàn kúrò. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣí risíìtì tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé mọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń sanwó tí a kì í wo risíìtì.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi ṣírò owó náà. Èkíní ni owó ìbẹ̀rẹ̀, ₦500. Èkejì ni owó ọ̀nà, ₦240 lórí kìlómítà kan. Ẹ̀kẹta ni owó àkókò, ₦25 lórí ìṣẹ́jú kan. Risíìtì náà sọ pé a rin kìlómítà 24, pé a sì lo ìṣẹ́jú 71. Ẹ bá mi ṣírò ó: kìlómítà 24 jẹ́ ₦5,760, ìṣẹ́jú 71 jẹ́ ₦1,775. Bí a bá fi ₦500 kún un, ₦8,035 géérégé ni. Ìṣírò náà kò ní àṣìṣe kankan. Ohun tí wọ́n ń ṣírò gan-an ni irọ́ wà nínú rẹ̀.

Láti ilé wa dé ilé ìwòsàn náà, kìlómítà 11 ni. Kì í ṣe pé mo méfò o. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú awakọ̀ mìíràn láti ilé iṣẹ́ kan náà, risíìtì tọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, kìlómítà 11 ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Níbo wá ni a ti rí kìlómítà 13 tó kù? Mo wo àwòrán ọ̀nà tó wà nínú risíìtì. Ilà náà kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó gba Akọ̀wọ́njọ dé Dọ̀pẹ̀mú bó ti yẹ. Láti Dọ̀pẹ̀mú, ó yí padà sí ọ̀nà Ìyánà-Ìpájà, ó lọ dé Abúlé-Ẹ̀gbá, ó tún padà wá sí Dọ̀pẹ̀mú kí ó tó kọrí sí Ìkẹjà! Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ̀ pé Abúlé-Ẹ̀gbá kò sí lójú ọ̀nà Ìkẹjà rárá. Ẹ̀yìn wa ló wà. Ẹni tó fẹ́ dé ilé ìwòsàn kí agogo mẹ́jọ tó lù kò ní lọ kí ará Abúlé-Ẹ̀gbá.

A kò dé Abúlé-Ẹ̀gbá. Ìyá mi ò dé ibẹ̀, èmi ò dé ibẹ̀, mọ́tò náà ò dé ibẹ̀. Fóònù awakọ̀ nìkan ló sọ pé òun dé ibẹ̀.

Báwo ni fóònù ṣe lè lọ síbi tí ẹni tó ni ín kò lọ? Mo béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìyánà-Ìpájà, òun ló là mí lójú. Sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ni fóònù fi ń mọ ibi tí ó wà, òun náà ló sì ń ròyìn rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ táyà ni ilé iṣẹ́ ń kà, ìròyìn fóònù ni wọ́n ń kà. Àwọn tó ń ṣe áàpù nílò ohun tí wọ́n lè fi dán iṣẹ́ wọn wò láìkúrò lórí àga, ìyẹn ni pé kí fóònù máa sọ pé òun ń rìn nígbà tó wà lójú kan. Irú rẹ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lockito. Wọn kò ṣe é fún olè. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2018, àwọn oníròyìn gbé e jáde pé àwọn awakọ̀ kan ní Nàìjíríà ti sọ ọ́ di ohun èlò: wọ́n á ya ọ̀nà tó gùn sínú rẹ̀, fóònù á máa ròyìn ọ̀nà gígùn náà fún ilé iṣẹ́, owó á sì máa gun òkè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun létí àwọn ilé iṣẹ́ yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

N kò ní búra pé ohun tí awakọ̀ tiwa lò nìyẹn. Mo fẹ́ ṣòótọ́. Fóònù lè ṣìnà fúnra rẹ̀ bí ilé gíga bá dí i tàbí bí ó bá gbó. Ṣùgbọ́n ìṣìnà bẹ́ẹ̀ a máa fi ilà wíwọ́ tó ń fò káàkiri orí òrùlé sílẹ̀, kì í tẹ̀lé títì tónítóní lọ dé Abúlé-Ẹ̀gbá kí ó sì tún gba títì náà padà. Owó sì lè lé láìsí èrú nínú rẹ̀: bí súnkẹrẹ fàkẹrẹ bá pọ̀, bí èrò bá ní kí a yà síbì kan, tàbí bí ọ̀nà bá dí tí a sì gba ibòmíràn. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi máa ń sọ pé àbá lásán ni iye tí àwọn kọ́kọ́ kọ. Mo gbà. Bí ó bá jẹ́ pé ₦300 tàbí ₦500 ló lé, ẹ ò ní rí lẹ́tà mi.

Ilé iṣẹ́ nìkan ló lè fi òpin sí àríyànjiyàn, kò sì le rárá. Gbogbo ibi tí fóònù awakọ̀ sọ pé òun wà ni ó wà lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Kí wọ́n wo ibi tí fóònù awakọ̀ sọ pé òun wà ní 7:31, kí wọ́n fi wé fọ́tò tí mo yà lábẹ́ bíríìjì Dọ̀pẹ̀mú ní àkókò náà gan-an. Kí wọ́n wo eré tí ọkọ̀ náà sá: tí ó bá lọ sí Abúlé-Ẹ̀gbá tó sì padà, tí a ṣì dé Ìkẹjà ní 7:58, a jẹ́ pé ó fò kọjá lórí súnkẹrẹ fàkẹrẹ òwúrọ̀ ni. Kí wọ́n sì wo ìṣẹ́jú 23 láti 7:58 sí 8:21, nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Èrò wo ló máa jókòó sínú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 23 lẹ́yìn tó ti débi tó ń lọ?

Nísinsìnyí, ẹ wo owó tí mò ń béèrè, kí wọ́n má sọ pé ojúkòkòrò ni. ₦500 ìbẹ̀rẹ̀, kìlómítà 11 jẹ́ ₦2,640, ìṣẹ́jú 48 jẹ́ ₦1,200. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,340. Ìyẹn fi ₦40 lé sí ohun tí wọ́n sọ fún mi, mo sì fọwọ́ sí i pé kí n san án. Ohun tó lé ni ₦3,695: ₦3,120 fún kìlómítà 13 tí a kò rìn, àti ₦575 fún ìṣẹ́jú 23 tí wọ́n fi há wa mọ́nú ọkọ̀. Òun ni mo fẹ́ gbà, kí ó má lé kọ́bọ̀ kan, kí ó má sì dín.

Kí ni ilé iṣẹ́ sọ? Èsì àkọ́kọ́ ní àwọn kẹ́dùn, pé ìtẹ́lọ́rùn mi ló jẹ àwọn lógún. Èkejì sọ ohun kan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn ti fi ₦500 sínú fóònù mi tí mo lè fi wọ ọkọ̀ wọn nígbà mìíràn, pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Wọ́n gba ₦3,695 lọ́nà èrú, wọ́n fi ₦500 ṣe ìpẹ̀, ọwọ́ wọn náà ni ₦500 ọ̀hún ṣì wà! Wọn ò sọ nǹkankan nípa ọ̀pá ìyá mi tí wọ́n tì mọ́nú búùtù.

Àwọn kan á sọ pé ìyà ń jẹ àwọn awakọ̀ náà. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí lítà epo kan tí kò tó ₦200 fò lọ sí nǹkan bí ₦500 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan ò rọrùn fún ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun. Nínú ₦100 tí èrò bá san, ilé iṣẹ́ a máa yọ bí ₦20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí awakọ̀ bá fẹ́ kí owó ọkọ̀ gbé pẹ́ẹ́lí, kí òun àti ilé iṣẹ́ jókòó sọ ọ́, kí wọ́n kọ iye tuntun síwájú mi kí n tó wọlé. Bí agbára mi ká a, màá san. Nígbà tí a ń wọ táàsì àtijọ́, a máa ń nájà ni kí a tó wọlé, iye tí a bá sì fẹnu kò sí ni a ń san. Kò sí awakọ̀ tó máa débi tí à ń lọ kó wá sọ pé òun gba Abúlé-Ẹ̀gbá kọjá. Wọ́n ní ẹ̀rọ tuntun yìí dé láti gbà wá lọ́wọ́ ìnájà. Ṣé ó gbà wá lọ́wọ́ òtítọ́ náà ni?

Òfin ò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà sọ ọ́ ní abala 115 pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ gba owó tó ju iye tó pàtẹ fún oníbàárà lọ. Àjọ FCCPC ló ń mú òfin náà ṣẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní LASCOPA tiwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 pẹ̀lú, ìjọba Èkó ṣe ìlànà fún àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ orí fóònù, wọ́n sì bu ₦20 lé ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan. Ìjọba tó ń bu owó lé ìrìnàjò mi, ó yẹ kí ó bá mi béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ilé iṣẹ́ náà kò pọ̀. Kí wọ́n san ₦3,695 sínú àkáǹtì mi ní báńkì, kì í ṣe sínú áàpù wọn. Kí wọ́n yẹ ìròyìn fóònù awakọ̀ náà wò, kì í ṣe ti ọjọ́ tiwa nìkan, nítorí ẹni tó bá jí ti Ìṣẹ́gun lè ti jí ti Ajé. Kí wọ́n pe awakọ̀ náà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá jẹ̀bi, kí wọ́n dá a dúró. Kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kan sì pe ìyá mi lórí fóònù, kí ó sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú." Ìyẹn ò ní ná wọn ní kọ́bọ̀. Mo fún wọn ní ọjọ́ 14 láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá jáde. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ̀ LASCOPA ni mò ń gbé àwọn àwòrán, risíìtì méjèèjì àti èsì wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ya àwòrán iye tí wọ́n bá kọ fún yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà kìlómítà tó wà níwájú awakọ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀. Èmi ò wò ó, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀nà tí táyà rìn gan-an ló ń kà. Ẹ máa wo àwòrán ọkọ̀ lórí fóònù tiyín bí ẹ ṣe ń lọ. Bí ẹ bá jókòó sí Dọ̀pẹ̀mú tí ọkọ̀ yín ń sáré lọ sí Abúlé-Ẹ̀gbá, ẹ tètè yà á. Ohun tó wà lọ́wọ́ arúgbó tàbí aláìsàn, ẹ má jẹ́ kó wọ búùtù. Orí ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ gbé e lé.

Ìyá mi ní kí n má kọ lẹ́tà yìí, pé kí n fi fún Ọlọ́run. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ fi han Olóòtú ná.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọmọ Ìyá Ọlọ́pàá,
Ẹ̀gbẹ́dá, Èkó.

(Ọ̀pá tí ìyá mi fi ń rìn ni mò ń wí o, kì í ṣe ọlọ́pàá ìjọba.)